Kíkọ Àdásọ fún Ọ́díṣàn Ìwọlé sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré Orí Ìtàgé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ọ́díṣàn ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì fi àdásọ kan tí a jọ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹ̀kọ́ yìí kì í yé èèyàn títí yóò fi rí ọ̀rọ̀ gan-an lójú ìwé.

Ṣé wọ́n á gba àdásọ tó bá jẹ́ èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́?

Ó wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ wọ̀. Ìwé ìkéde wọn ni kí o kọ́kọ́ kà, kí o sì kà á dé ìsàlẹ̀. Ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ìdánwò JAMB, ẹ̀ka eré orí ìtàgé ní yunifásítì kan lè pè ọ́ kí o wá ṣe nǹkan lójú wọn, kí wọ́n sì fi yíyan ọ̀rọ̀ tí o máa sọ sílẹ̀ fún ọ. Ibẹ̀ ni tìrẹ ti lè wúlò. Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ máa ń béèrè àdásọ méjì, ọ̀kan láti inú eré Shakespeare tàbí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ayé ìgbà náà, èkejì láti inú eré òde òní, wọ́n sì sábà máa ń sọ ọ́ ní tààrà pé kí ó jẹ́ eré tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, má gbé tìrẹ lọ, bó ti wù kó dùn tó. Wọn ò ní jókòó máa wò ó bóyá ó dára. Ohun tí wọ́n máa rí ni pé o kò ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ.

Kí ni àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń wá gan-an?

Òṣèré ni wọ́n ń wá. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ tó lẹ́wà, àmọ́ tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí òṣèré lè ṣe, wọ́n á gbóríyìn fún ọ̀rọ̀ náà nínú ọkàn wọn, wọn ò sì ní mọ̀ bóyá o lè ṣeré. Mo ti rí ọmọ tó ní ẹ̀bùn tó pàdánù ààyè rẹ̀ báyìí. Ewì ni ó kọ, ewì tó dán, ó dúró sójú kan, ó sì kà á fún wọn dáadáa.

Ohun tí wọ́n fẹ́ rí kò pọ̀: ṣé o ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀? Ṣé o ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹni náà? Bí ọ̀nà kan bá dí, ṣé o máa gba ọ̀nà míì? Ọ̀rọ̀ tí o bá kọ gbọ́dọ̀ fún ọ ní àǹfààní láti ṣe nǹkan mẹ́ta yìí láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Orúkọ náà, àdásọ, ló ń tan èèyàn jẹ. A máa ń rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èèyàn méjì ni. Ìdajì ìjíròrò ni àdásọ jẹ́. Ìdajì tó kù wà lójú ẹni tó dákẹ́. Stanislavski, ará Rọ́ṣíà tó wà lára àwọn méjì tó dá ilé-eré Moscow Art Theatre sílẹ̀ ní Mọ́sìkò ní 1898, kọ́ àwọn òṣèré rẹ̀ pé kí wọ́n máa bi ara wọn léèrè ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kì í ṣe bí ó ṣe rí lára rẹ̀. Ìbéèrè òṣèré ni, àmọ́ òǹkọ̀wé ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan, kọ nǹkan mẹ́rin sórí bébà: ta ni ó ń gbọ́, kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe fún mi, kí ló dé tí kò fẹ́ ṣe é, kí ló dé tó fi jẹ́ nísinsìnyí. Kọ ohun tí ojú lè rí. "Mo fẹ́ kí ó nífẹ̀ẹ́ mi" kò ṣeé lò, nítorí o kò ní mọ ìgbà tí o rí i gbà. "Mo fẹ́ kí ó gbé fóònù yẹn sílẹ̀" ṣeé lò. Ó lè gbé e sílẹ̀, ó lè má gbé e sílẹ̀, ìwọ náà á sì rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan hàn wá.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi pẹ̀lú èyí tó kọ. Ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ni Àdùkẹ́, ọmọ ọdún 19 tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Orúkọ mi ni Àdùkẹ́. Inú òṣì ni wọ́n bí mi sí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni ìyá mi ti ń jìyà nítorí mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin kan tí ojú rẹ̀ le bí irin. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé léèsì ìyàwó kan wá…"

Ta ni ó ń sọ ọ́ fún? Kò mọ̀. Ó ní gbogbo ayé. Gbogbo ayé kì í dáni lóhùn, kò sì sí ohun tí èèyàn fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ tán kí ó tó la ẹnu, nítorí náà ìrántí nìkan ló ṣẹ́kù fún un láti ṣe. Nínú ìtàn rẹ̀, áyọ́ọ̀nù ló jó léèsì náà. Mo bi í pé, "Alẹ́ ọjọ́ tí aṣọ yẹn jó ńkọ́? Ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù?" Ó ní ọ̀gá rẹ̀ ni. "Kí ni ọ̀gá fẹ́ ṣe?" Ó ronú, ó ní, "Á fẹ́ pe ìyá Àdùkẹ́." Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. A jùnù bàbá tó kú, a jùnù òṣì, ọ̀sẹ̀ méjì la sì fi kọ èyí:

*(Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Àdùkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, aṣọ wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti mú fóònù.)*

Ẹ má pè wọ́n. Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Tí ẹ bá pe ìyá mi ní agogo mọ́kànlá alẹ́, wọ́n á rò pé mo ti kú ni.

Ihò náà ò tóbi. Ẹ wò ó. Kò ju ojú kọ́bọ̀ kan lọ. Ẹ̀yìn ló wà, nísàlẹ̀ ìbàdí. Tí mo bá gé òdòdó méjì lára èyí tó ṣẹ́kù, tí mo fọwọ́ rán an lé e, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ fún mi títí di agogo márùn-ún àárọ̀.

Mo mọ̀. Mo mọ iye tí wọ́n ra léèsì náà, Ọ̀gá. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọdún mẹ́ta. Ṣé mo ti jó aṣọ rí? Abẹ́rẹ́ yín kan, ṣé ó sọnù lọ́wọ́ mi rí? Fíríìdọ́mù mi ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyá mi ti ra ìrẹsì. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ló dé tí ẹ ń bi mí bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Mo ní èmi ni mo wà níbẹ̀. Wọ́n ṣàdéédé mú iná dé, áyọ́ọ̀nù ti wà lórí aṣọ, mo ti wà lẹ́yìn ilé, mò ń fa omi…

*(Ó dákẹ́.)*

Rárá. Bọ́lá ti sùn. Ẹ má jí i. Ọ̀gá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Ó ní òun fẹ́ kí n tètè parí, kí n lè dì í nírun.

Ẹ pè wọ́n. Ẹ gbé fóònù, ẹ pe ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni.

Kí ló yàtọ̀ nínú èyí?

Wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. "Ẹ má pè wọ́n" ló fi bẹ̀rẹ̀, "Ẹ pè wọ́n" ló fi parí. Ohun tó ń sá fún látìbẹ̀rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún nígbẹ̀yìn, a sì mọ ohun tó yí i padà. Bí àdásọ kò bá ní irú ìyípadà báyìí, tí ẹ̀dá-ìtàn bá parí síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ohùn kan náà ni òṣèré máa fi sọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀.

Ìkejì, ka iye ọ̀nà tó gbà. Ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ó wá di oníṣẹ́: ó ń wọn ihò, ó ń sọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe, ohùn rẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀ nítorí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn ò ràn, ó ké sí ọdún mẹ́ta tó fi sìn, ó fẹ́ẹ̀ bínú. Lẹ́yìn náà ó purọ́. Irọ́ náà já. Ó wá dáàbò bo Bọ́lá, ọmọ tó jó aṣọ náà gan-an. Ọ̀nà márùn-ún nìyẹn, kò sì sí èyí tí òǹkọ̀wé sọ orúkọ rẹ̀. Kò sí "inú mi bà jẹ́", kò sí "ẹ̀rù ń bà mí". Ìwọ òṣèré lo máa mú ìyẹn wá.

Ìkẹta ni ohùn ọ̀gá tí a kò gbọ́. "Mo mọ̀" jẹ́ ìdáhùn. Ọ̀gá ti sọ nǹkan kan ṣáájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "Ṣé o mọ iye tí wọ́n ra aṣọ yìí?" A kò tún un sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ọ́ báyìí: "Kí lẹ wí? Ẹ ní ṣé mo mọ iye tí wọ́n rà á?" Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé. Dáhùn, kí o jẹ́ kí àwọn tó ń wò ọ́ fi ìdáhùn rẹ mọ ìbéèrè. Ó tún fún ọ ní ìdákẹ́ kékeré tí o gbọ́dọ̀ fi tẹ́tí sílẹ̀, ojú ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n jókòó wá wò.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ náà já gan-an ni ó gbà wá lásìkò jù. Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Ó dáa, mo máa sọ òótọ́. Bọ́lá ni." Òótọ́ tí èèyàn fínnúfíndọ̀ sọ báyìí kò ní agbára tó. A wá jẹ́ kí Àdùkẹ́ ṣèèṣì tú ara rẹ̀: ó ní òun wà níbẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn náà ó ní òun wà lẹ́yìn ilé. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Inú ìdákẹ́ tó tẹ̀lé e ni wọ́n máa wò ọ́ jù nínú gbogbo ìṣẹ́jú méjì náà.

Báwo ni kó ṣe gùn tó?

Àṣẹ wọn ni kí o tẹ̀lé. Ìṣẹ́jú méjì ló wọ́pọ̀. Má fi iye ọ̀rọ̀ díwọ̀n rẹ̀, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú èdè Yorùbá máa ń tan ojú jẹ. Sọ ọ́ sókè lórí ìnàró, pẹ̀lú gbogbo ìdákẹ́ rẹ̀, kí aago sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Tí o bá kà á nínú ọkàn, ó máa kúrú ju bó ṣe rí lọ. Jẹ́ kí ó ṣẹ́kù bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí ohun tí wọ́n fún ọ, nítorí ara á gbọ̀n lọ́jọ́ náà, ìdákẹ́ kan sì lè gùn ju bí o ṣe rò. Bí àkókò bá pé, wọ́n lè dá ọ dúró, ó sì máa ń dun èèyàn tí wọ́n bá gé e kù síbi tí òpin rẹ̀ gan-an fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ gé e, orí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ọ̀pọ̀ àdásọ tí mo ti rí ló ní gbólóhùn mẹ́ta sí márùn-ún tí òǹkọ̀wé fi ń wá ọ̀nà wọlé. Gbólóhùn kẹfà ni eré náà bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kí n sunkún?

Má kọ ẹkún sínú rẹ̀. Bí o bá kọ "ó bú sẹ́kún" sórí bébà, ojú rẹ máa wà lára ìgbà tí omi máa jáde, ọkàn rẹ á sì kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Àdùkẹ́ kò ráyè sunkún. Ó ní iṣẹ́ láti ṣe. Tí omijé bá wá fúnra rẹ̀, kó wá.

Yorùbá ni kí n lò àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Èyí tí wọ́n bá gbà. Bí wọ́n bá gba méjèèjì, lo èyí tí o fi ń bínú nílé. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ ọ́ ní Yorùbá, nǹkan méjì wà tí mo fẹ́ kí o ṣọ́.

Àkọ́kọ́ ni òwe. Àwọn ọmọ tó ń múra ọ́díṣàn fẹ́ràn láti da òwe sínú àdásọ bí ẹni da iyọ̀, kó lè dún bí Yorùbá gidi. Ro ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá kò ní máa pa òwe fún un. Bó bá pa ọ̀kan pẹ́rẹ́, ó gbọ́dọ̀ fi "tótó ṣe bí òwe o" tọ́jú ẹnu ara rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àfojúdi ni. Ó ṣeé ṣe kí o fẹ́ kó jẹ́ àfojúdi. Nígbà náà kọ ọ́, kí o sì mọ̀ pé ìyípadà ńlá ni o kọ yẹn. Bákan náà ni "ẹ" àti "o". Bí Àdùkẹ́ bá fi "o" pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ilé á gbọ̀n.

Ìkejì ni ohùn. Bí a bá pariwo, ohùn òkè máa ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Bí a bá ń sunkún, gbogbo rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á wá di ọ̀kan náà létí ẹni tó ń gbọ́. Níbi tí o bá mọ̀ pé ìmọ̀lára máa le jù, kọ gbólóhùn kúkúrú, kí o sì yan ọ̀rọ̀ tí kò ní ìbejì tó lè ṣì í lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ìparí Àdùkẹ́ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ péépèèpé.

Ṣé kí n gbé áyọ́ọ̀nù àti léèsì dání?

Rárá. Àga kan ló sábà máa ń wà nínú yàrá. Aṣọ ìró kan lè tó, òfìfo ọwọ́ náà sì tó bí o bá mọ bí léèsì ṣe wúwo tó lórí itan.

Ibo ni kí n wò? Ṣé kí n wo àwọn olùdánwò lójú?

Má fi ọ̀kan nínú wọn ṣe ọ̀gá rẹ. Wọ́n fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n fẹ́ wò ọ́ láìsí pé o ń bẹ̀ wọ́n. Gbé ọ̀gá sí ibì kan lókè orí wọn díẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ní ìwọ̀n gíga èèyàn gidi, kí o sì jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Tí ó bá máa rìn, mọ ibi tó rìn dé. A ti kọ ìrìn kan sínú ti Àdùkẹ́ láìsọ ọ́: nígbà tó ní "Rárá. Bọ́lá ti sùn," ọ̀gá ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Àdùkẹ́ tó ti wà lórí eékún látìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde dí i lọ́nà. Ìdìde kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ti ń dìde, tó ń jókòó, tó ń rìn kiri ṣáájú, èyí kò ní jẹ́ nǹkan kan mọ́.

Wọ́n ní kí n tún un ṣe lọ́nà míì. Ṣé mo ti kùnà nìyẹn?

Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ mọ̀ sí i. Wọ́n lè ní, "Ṣe é bí ẹni pé ọ̀gá yìí ni ìwọ fẹ́ràn jù láyé," tàbí "Ṣe é láìgbé ohùn sókè rárá." Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá o lè gba ìtọ́sọ́nà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tí o fúnra rẹ kọ ti lè ṣe ọ́ níbi, nítorí o ti gbọ́ ọ lọ́nà kan láti ọjọ́ tí o ti ń kọ ọ́, o sì rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Nígbà ìgbáradì, sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀rù, sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú, sọ ọ́ bí ẹni tó ń tu ọ̀gá nínú. Gbólóhùn tó bá kọ̀ jálẹ̀ tí kò gba ohùn míì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìmọ̀lára lo kọ síbẹ̀ dípò ọ̀rọ̀. Tún un kọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó?

Wá ẹnì kan kó jókòó bí ọ̀gá. Sọ fún un pé kó má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ohunkóhun tó bá wá sí i lára. Lẹ́yìn náà, bi í léèrè ibi tó ti fẹ́ dá ọ lóhùn. Ibi tí kò ti ní ìdáhùn kankan lẹ́nu ni o ti pa á tì, o ń dá sọ̀rọ̀.

Fún Àdùkẹ́, a bẹ ìyá kan tó ń ránṣọ ládùúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe é fún un. Lẹ́ẹ̀kíní, nígbà tí a dé ibi ìrẹsì àti ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ ti kúrò lára wa. Gbólóhùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀ nígbà náà, nípa ankárá àti àwọn ẹbí tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú. A gé wọn dànù. Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ọmọbìnrin náà ní "kí n lè dì í nírun," ìyá yìí gbé fóònù rẹ̀ sórí ilẹ̀, ó sì yí i dojú dé.